Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí ń Kùn tí kò Yí: Àlàyé lórí Iṣẹ́ Kapásítọ̀ Ìbẹ̀rẹ̀ nínú Ẹ̀rọ Amúlétutù

1. Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí kò ju ẹyọ kan lọ. A tan ẹ̀rọ amúlétutù. Fáànù inú yàrá ń fẹ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ń ti inú rẹ̀ jáde kò tutù. Bí a bá lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí apá kejì ẹ̀rọ náà wà, a óò gbọ́ ohùn kan tí ń kùn bí oyin inú ihò igi. Ohùn náà lè wà fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí kí ó máà tó bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà nǹkan yóò dún 'tá', gbogbo rẹ̀ yóò sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn èyí, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, yóò sì tún dákẹ́. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ni ó ń kùn bẹ́ẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà ẹ̀rọ náà tí ń fún gáàsì pọ̀ tí ó sì ń tì í yí gbogbo páìpù ká. Bí òun kò bá yí, kò sí ìtutù.

Ìdájọ́ tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu ẹni tí a bá pè wá wò ó ni pé kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti nọ́kù, àfi kí a ra òmíràn. Ìdájọ́ tí ó wọ́n lówó ni èyí. Kì í ṣe owó kọ̀mpúrẹ́sọ̀ nìkan ni a óò san: a ní láti gba gáàsì inú ẹ̀rọ jáde, kí a fi iná tú páìpù, kí a tún fi iná jó wọn pọ̀, kí a fa gbogbo afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú rẹ̀ jáde, kí a tó wá rọ gáàsì mìíràn sí i. Èrò wa ni pé ìdájọ́ náà máa ń yá jù. Ohùn kíkùn kì í ṣe ẹ̀rí ikú. Kàkà bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ń jẹ́rìí sí ni pé iná dé inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀, pé kọ́ìlì rẹ̀ tí ó tóbi jù kò já, àti pé òòfà wà níbẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó ṣẹ́ kù tí a kò rí ni agbára tí yóò sọ fún òòfà náà pé apá báyìí ni kí ó dojú kọ. Orísun agbára yìí ni a óò yẹ̀ wò.

Ó yẹ kí á pààlà sí ọ̀rọ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ilé tí ń lo iná féèsì kan ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ máa ń tàn tàbí kú pátápátá. Ọ̀rọ̀ náà kò kan irú tí a ń pè ní ínfátà, nítorí pé nínú ìyẹn, pátákó kan wà tí ń fi iná féèsì kan ṣe iná féèsì mẹ́ta fún kọ̀mpúrẹ́sọ̀, kò sì nílò irú kapásítọ̀ tí à ń wí.

2. Òòfà tí kò mọ apá ibi tí yóò yí sí

Mọ́tọ̀ iná àti ẹ̀rọ tí ń fún gáàsì jọ wà nínú agolo irin kan tí a ti jó pa. Irin kan wà láàárín mọ́tọ̀ náà tí ó lè yí. A óò máa pè é ní irin àárín. Kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí a wé jọ, sì yí i ká. Iná tí ń wá sínú ilé wa kì í ṣàn sí apá kan ṣoṣo. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà 50 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà òòfà tí kọ́ìlì kan ń mú jáde kì í dúró lójú kan: ó ń wú, ó ń fọ̀, ó ń yí orí padà, ó tún ń wú, ṣùgbọ́n orí ìlà kan náà ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Nínú ìlọ-àti-bọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni òòfà náà ń dé góńgó rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì ń fa irin. Irin tí a fà báyìí nígbà 100 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan kò lè ṣe kí ó má dún. Ohùn kíkùn tí à ń gbọ́ nìyẹn.

Ẹni tí ó bá ti wo télọ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ yóò tètè mọ ohun tí ó fà á tí irin àárín kò fi yí. Ẹsẹ̀ télọ̀ kì í yípo. Ó kàn ń tẹ pátákó sílẹ̀, pátákó sì ń gòkè. Síbẹ̀ ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń lọ, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yí dáadáa. Ẹ wo bí télọ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: ọwọ́ ni ó fi ń yí kẹ̀kẹ́ kékeré òkè ẹ̀rọ díẹ̀ síwájú, kí ẹsẹ̀ tó gbà á. Bí ó bá fi ọwọ́ yí i sẹ́yìn, ẹ̀yìn náà ni ẹ̀rọ yóò máa lọ, òwú yóò sì já. Bí ó bá sì gbé ẹsẹ̀ lé pátákó nígbà tí apá kẹ̀kẹ́ wà ní òkè gangan, bí ó ti wù kí ó tẹ̀ ẹ́ tó, kẹ̀kẹ́ kò ní í yí. Agbára wà, ọ̀nà ni kò sí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mọ́tọ̀ oníkọ́ìlì kan rí. Àwọn onímọ̀ ìṣirò iná ń ṣe àlàyé rẹ̀ báyìí: òòfà tí ń wú tí ń fọ̀ lójú kan ṣe é kà sí òòfà méjì tí agbára wọn dọ́gba, tí ọ̀kan ń yí sọ́tùn-ún tí èkejì ń yí sósì. Nígbà tí irin àárín bá dúró jẹ́ẹ́, àwọn méjèèjì ń fà á bákan náà, ìfà wọn sì pa ara rẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n bí irin náà bá ti ń yí sí apá kan, òòfà tí ń lọ sí apá ọ̀hún ni ó máa ń borí, yóò sì máa gbé e lọ. Ìdí nìyí tí fáànù òkè àjà tí ń kùn tí kò yí fi máa ń gbéra bí ẹnì kan bá fi ọ̀pá tì í, apá tí a bá sì tì í sí ni yóò máa yí sí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi ọwọ́ ara wa ṣe ìdánwò ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ yìí láìmọ̀.

Kò sí ọ̀nà tí ọ̀pá lè gbà dé inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí a ti jó pa. Bí ó bá sì dúró, tí iná ń wọ inú rẹ̀, ewu wà. Mọ́tọ̀ tí ń yí máa ń fúnra rẹ̀ ṣe iná tí ń ti iná ìta padà, èyí ni kì í jẹ́ kí ó gba iná ju ìwọ̀n. Èyí tí ó dúró kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ó lè gba tó ìlọ́po márùn-ún iná tí ó ń gbà nígbà tí ó bá ń yí. Gbogbo iná yìí ń di ooru nínú kọ́ìlì. Ofalóòdù, ohun kékeré tí ó lẹ̀ mọ́ agolo kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tàbí tí ó wà nínú rẹ̀, ni ó ń mọ ooru náà lára tí ó fi ń já iná. Òun ni ó ń dún 'tá'. Nígbà tí ó bá tutù, yóò tún so iná pọ̀. Bí a bá fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láti máa ṣe báyìí láti àárọ̀ di alẹ́, ohun tí kò bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ yóò bàjẹ́, nítorí pé ọ̀dà tí a fi bo wáyà kọ́ìlì kò lè gba irú ooru bẹ́ẹ̀ títí. Nígbà náà ni kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yóò kú nítòótọ́, àwọn tí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò sì rò pé àwọn ló jàre.

3. Ohun tí kapásítọ̀ ń ṣe

Ọ̀nà àbáyọ ti wà láti ọdún 1888, nígbà tí Galileo Ferraris ní Ítálì àti Nikola Tesla ní Amẹ́ríkà, tí olúkúlùkù ń dá ṣe tirẹ̀, fi hàn pé bí a bá ní kọ́ìlì méjì tí a gbé dábùú ara wọn, tí iná inú ọ̀kan sì ń dé góńgó ṣáájú ti èkejì, àpapọ̀ òòfà wọn yóò máa yípo. Nítorí náà kọ́ìlì méjì ni ó wà nínú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ wa. Ọ̀kan ni kọ́ìlì ìrìn, tí wáyà rẹ̀ nípọn. Èkejì ni kọ́ìlì ìbẹ̀rẹ̀, tí wáyà rẹ̀ tínrín jù ú lọ. Wọ́n ní orí kan tí wọ́n jọ ń lò, nítorí bẹ́ẹ̀ orí mẹ́ta ni ó yọ síta lára agolo. Àmì C, R àti S ni a máa ń kọ sí i: C ni orí àjùmọ̀lò, R ni ti ìrìn, S ni ti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro tí ó kù ni ti àkókò. Ilé wa kò ní ju féèsì kan lọ. Iná kan náà ni kọ́ìlì méjèèjì ń gbà. Bí a bá so wọ́n mọ́ ọn báyìí, iná inú wọn yóò jọ máa dé góńgó nígbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ibí yìí ni kapásítọ̀ ti wọlé. Nínú kọ́ìlì, ìṣàn iná máa ń rọ́ lẹ́yìn agbára tí ń tì í. Nínú kapásítọ̀, ìṣàn iná máa ń ṣíwájú. Bí a bá fi kapásítọ̀ sí ojú ọ̀nà kọ́ìlì ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, iná inú kọ́ìlì náà yóò ṣáájú ti ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni méjì tí ń gún iyán nínú odó kan ni wọ́n dà báyìí: ìgbà tí ọmọ odó ọ̀kan ń sọ̀kalẹ̀ ni ti èkejì ń gòkè. Tí wọ́n bá jọ sọ ọ́ sílẹ̀ pọ̀, ìkọlù ni.

Agbára tí irin àárín ní láti fi gbéra wá gbára lé ohun mẹ́ta: bí iná inú kọ́ìlì ìrìn ti pọ̀ tó, bí iná inú kọ́ìlì ìbẹ̀rẹ̀ ti pọ̀ tó, àti bí àkókò àárín àwọn méjèèjì ti sún mọ́ ìdámẹ́rin ìlọ-àti-bọ̀ kan tó. Iye máíkírófárádì tí a kọ sára kapásítọ̀ ni ó ń pinnu méjì tí ó gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀ fún kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kan tí ó ní agbára ẹṣin kan àti ààbọ̀, lórí iná fóòtì 230. Nígbà tí ó dúró, kọ́ìlì ìrìn rẹ̀ gba áńpíà 32. Bí kapásítọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ máíkírófárádì 35, kọ́ìlì ìbẹ̀rẹ̀ yóò gba nǹkan bí áńpíà 2.8. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti gbé irin àárín bí kò bá sí ẹrù lọ́rùn rẹ̀. Bí kapásítọ̀ náà bá ti gbó tí ó kù sí máíkírófárádì 9, kọ́ìlì ìbẹ̀rẹ̀ kò ní í gbà tó áńpíà 0.7, agbára ìgbéra yóò sì já sí ìdámárùn-ún ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ kò ní í gbéra, kíkùn ni yóò máa kùn.

Ó yẹ kí á kíyè sí i pé kapásítọ̀ máíkírófárádì 35 tí a ń wí yìí kì í ṣe kapásítọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ní ti gidi, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Kapásítọ̀ ìrìn ni. Ojú iná ni ó wà láti ìgbà tí a tan ẹ̀rọ títí di ìgbà tí a pa á. Ó ń bá wọn bẹ̀rẹ̀, ó sì ń bá wọn rìn. Nínú ọ̀pọ̀ jùlọ ẹ̀rọ ilé, òun nìkan ni a óò bá níbẹ̀. Iye rẹ̀ jẹ́ àdéhùn láàárín ohun méjì: èyí tí ó dára jù fún ìrìn kéré, èyí tí ó dára jù fún ìbẹ̀rẹ̀ tóbi gan-an. Ìrìn ni ó sì ń gba púpọ̀ nínú ọjọ́ ayé ẹ̀rọ, nítorí náà ìrìn ni àwọn tí ó ṣe é gbè lẹ́yìn. Kapásítọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ni èyí tí a ń fi kún un fún ìgbà díẹ̀. Bí a bá so máíkírófárádì 88 mọ́ ẹ̀gbẹ́ 35 ti ìṣáájú, kọ́ìlì ìbẹ̀rẹ̀ nínú àpẹẹrẹ wa yóò gba nǹkan bí áńpíà 13, àkókò àárín wọn yóò sì sún mọ́ ìdámẹ́rin jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Agbára ìgbéra yóò di ìlọ́po mẹ́fà.

4. Àyẹ̀wò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Kí a gbà pé ẹ̀rọ tí a fi ṣe ìṣirò yìí gan-an ni ó ń kùn, tí a sì ti dájọ́ ikú fún un. Ẹ̀rọ alápá méjì ni, ti gáàsì R-22. Iná ìrìn tí a kọ sára rẹ̀ jẹ́ áńpíà 6.4.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a óò pa iná rẹ̀ láti orí súwíìṣì ńlá. A óò sì tú iná tí ó kù nínú kapásítọ̀ dànù, nítorí pé ó lè pa iná mọ́ sínú fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí a ti pa ẹ̀rọ. Àṣà kan wà tí a kò fara mọ́, pé kí a fi irin sukurudéràfà gbá orí méjèèjì pọ̀ kí ó sán. Ìsán náà lè ba inú kapásítọ̀ jẹ́, ó sì lè jó ojú ẹni. Rẹ́sísítọ̀ tí ó tó óòmù 20,000, tí a fi sáàárín orí méjèèjì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, yóò ṣe iṣẹ́ náà wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn náà kí a fi mítà wò ó bóyá ó ti tán lóòótọ́.

A yọ wáyà lára orí mẹ́ta kọ̀mpúrẹ́sọ̀, a sì wọn ìdènà àárín wọn. Láti C sí R jẹ́ óòmù 2.4, láti C sí S jẹ́ 4.1, láti R sí S jẹ́ 6.5. Ẹ wò ó bí 2.4 àti 4.1 ti dọ́gba pẹ̀lú 6.5. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kọ́ìlì kankan kò já. Láti orí kọ̀ọ̀kan sí ara agolo, mítà kò fi ohunkóhun hàn, ìyẹn ni pé kọ́ìlì kò fara kan irin. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ pé kọ́ìlì ti jó ti wó lulẹ̀. Kí a rántí pé bí ara kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá gbóná, ofalóòdù inú rẹ̀ lè ṣì wà ní jíjá. Nígbà náà C yóò dà bí ẹni pé kò so mọ́ ohunkóhun, R àti S yóò sì so mọ́ ara wọn. Ẹ má tìtorí èyí ju ẹ̀rọ nù. Ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì tún un wọ̀n.

Nígbà tí a dá wáyà padà tí a tan án, a fi mítà tí ń há wáyà lẹ́nu wo iná tí ń kọjá. Fóòtì 228 ni ó wà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó sì wálẹ̀ sí 214 nígbà tí ó ń kùn. Iná ilé kò burú nìyẹn. Wáyà C fi áńpíà tí ó súnmọ́ 30 hàn, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún ti ìrìn. Irin àárín dúró gbọin. Wáyà kọ́ìlì ìbẹ̀rẹ̀ ni ó tú àṣírí náà. Áńpíà 0.62 péré ni ó wà níbẹ̀, nígbà tí ó yẹ kí ó ju 2.5 lọ. Fóòtì tí a wọ̀n láàárín orí méjèèjì kapásítọ̀ jẹ́ 219. Pẹ̀lú ohun méjì yìí a lè mọ iye tí ó kù nínú kapásítọ̀ láìyọ ọ́, níwọ̀n ìgbà tí iná wa jẹ́ ti ìlọ-àti-bọ̀ 50:

C = 3183 × I ÷ V

C níhìn-ín ni iye máíkírófárádì, I ni áńpíà, V ni fóòtì. 3183 lọ́nà 0.62, kí a pín in sí ọ̀nà 219, yóò fún wa ní 9. Ohun tí a sì kọ sára kapásítọ̀ náà ni 35, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ wá sísàlẹ̀ 33.

Ojú kapásítọ̀ náà kò yàtọ̀ sí ti titun. Kò wú, kò jò, kò dúdú. Èyí ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ pa lójú ni a ká sínú rẹ̀. Bí iná bá dá ọ̀rá náà lu níbì kan, irin àyíká ojú ihò náà yóò jó dànù lọ́gán, ihò náà yóò sì dá wà láìfara kan nǹkan mìíràn. Kapásítọ̀ wo ara rẹ̀ sàn, ṣùgbọ́n ó pàdánù ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ara rẹ̀. Bí a ti ń fi í sínú oòrùn lẹ́yìn ilé lọ́dọọdún, tí fótéèjì sì ń gòkè lójijì nígbà tí iná bá dé, bẹ́ẹ̀ ni ìpàdánù kéékèèké yìí ń pọ̀ sí i. Ọjọ́ kan ni kò ní í lè gbé kọ̀mpúrẹ́sọ̀ mọ́.

A fi kapásítọ̀ máíkírófárádì 35 mìíràn, ti fóòtì 450, dípò rẹ̀. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, iná rẹ̀ sì wálẹ̀ sí nǹkan bí áńpíà 6. Fóòtì 450 tí a kọ sí i kì í ṣe àsọdùn. Nígbà tí mọ́tọ̀ bá ń yí, fótéèjì orí kapásítọ̀ máa ń ju ti iná ilé lọ. Ẹni tí ó bá fi èyí tí a ṣe fún fóòtì 250 síbẹ̀ nítorí pé iná ilé kò ju 230 lọ yóò tún padà wá láìpẹ́.

5. Nígbà tí kapásítọ̀ kò ní ẹ̀bi

Ẹ̀rọ kan náà lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nígbà tí kapásítọ̀ rẹ̀ wà ní pípé. Ohun méjì ni ó wọ́pọ̀ jù.

Èkíní ni iná tí ó rẹlẹ̀. Nítorí pé fótéèjì ń kan iná inú kọ́ìlì méjèèjì pọ̀, agbára ìgbéra kì í dínkù ní ìwọ̀n tí fótéèjì fi dínkù. Ó ń dínkù ní ìwọ̀n fótéèjì lọ́nà fótéèjì. Ní alẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá tan fáànù àti iná, tí fóòtì 230 wá di 170, ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ìdámẹ́rin nìkan ni ó lọ. Bí a bá ṣirò rẹ̀, agbára ìgbéra ti di ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà kí a má ṣe wọn fótéèjì nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́ nìkan. Wáyà tí ó tínrín jù, tàbí ìsopọ̀ tí kò dì dáadáa, lè fi fóòtì 225 hàn nígbà tí ohunkóhun kò fa iná, kí ó já sí 170 nígbà tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá fẹ́ gbéra.

Èkejì ni gáàsì tí kò tíì balẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ R-22 bá ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀sán, apá kan páìpù lè ní ìtì gáàsì tí ó tó pọ́n-ùn 260 lórí íńṣì onígun mẹ́rin kan, tí apá kejì kò sì ju 70 lọ. Bí a bá pa á, gáàsì yóò máa gba inú páìpù tóóró kọjá díẹ̀díẹ̀ títí apá méjèèjì yóò fi dọ́gba, ní nǹkan bí 160 bí ibi tí ó wà bá gbóná tó ìwọ̀n 30 ti Sẹ́síọ̀sì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ni èyí máa ń gbà. Bí iná bá ṣẹ́jú, tí ó lọ tí ó sì dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìtì 260 ni irin àárín yóò bá lọ́rùn. Agbára tí kapásítọ̀ ìrìn ń fún un kò tó fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. A kò sì ṣe é fún un. Ẹ̀rọ tí ń kùn nígbà tí iná bá ṣẹ́jú nìkan, tí ó sì ń gbéra wọ́ọ́rọ́ bí a bá fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kò ní àrùn kankan. Sitabiláísà tí ń dá iná dúró díẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí ó kọjá ni ó nílò.

Kapásítọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ń ran irú ipò méjèèjì yìí lọ́wọ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, àní lórí fóòtì 170, ìlọ́po mẹ́fà náà ṣì fi agbára ìgbéra sílẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ ti fóòtì 230 tí kò ní in. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni ó mọ̀. Bí ó bá ti gbé ẹ̀rọ tán, tí fótéèjì ṣì wà ní 170, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ yóò máa fi iná púpọ̀ rìn nínú ooru, kapásítọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ kò sì lè ṣe ohunkóhun sí i. A ti rí àwọn tí ó so ó mọ́ ẹ̀rọ kí wọ́n má baà ra sitabiláísà. Wọ́n sún ìṣòro náà síwájú ni, wọn kò yanjú rẹ̀.

6. Rílé tí ń yọ kapásítọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ kúrò

Ìbéèrè kan kù: bí máíkírófárádì 88 bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ni kò jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí? Ìdí méjì wà. Wáyà kọ́ìlì ìbẹ̀rẹ̀ tínrín, kò lè gba áńpíà púpọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Kapásítọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sì ṣe bí ti ìrìn. Kí ó tó lè kó máíkírófárádì púpọ̀ sínú agolo kékeré, bébà tí a rì sínú omi oníkẹ́míkà ni a ká mọ́ irin pẹlẹbẹ nínú rẹ̀. Irú èyí máa ń gbóná kíákíá, omi inú rẹ̀ yóò hó, agolo rẹ̀ yóò sì bẹ́.

Nítorí náà ó gbọdọ̀ ní ohun tí yóò yọ ọ́ kúrò, rílé ni. Èyí tí a mọ̀ jù ní orí mẹ́ta tí a kọ 1, 2 àti 5 sí. Kapásítọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ so mọ́ 1. 2 so mọ́ S kọ̀mpúrẹ́sọ̀. 5 so mọ́ C. Ẹnu 1 àti 2 wà ní pípadé nígbà tí ẹ̀rọ kò tíì tàn, nítorí náà kapásítọ̀ wà lójú iná láti ìgbà àkọ́kọ́. Kọ́ìlì kékeré kan wà láàárín 2 àti 5 tí ó ń ṣọ́ fótéèjì kọ́ìlì ìbẹ̀rẹ̀. Bí irin àárín ti ń yára sí i ni fótéèjì yìí ń gòkè, nítorí pé ìyí rẹ̀ ń ṣe iná tirẹ̀ kún un. Nígbà tí ìyára bá dé bí ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin, fótéèjì náà tó láti fa ẹnu rílé sílẹ̀. Gbogbo èyí kì í sábà tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Níwọ̀n ìgbà tí mọ́tọ̀ bá ń yí, ìyí rẹ̀ ni ó ń di ẹnu náà mú ní ṣíṣí.

Ibi tí ó ti máa ń yọnu ni kí ẹnu rílé jó pọ̀ mọ́ra, kí ó má lè ṣí mọ́. Ẹ̀rọ yóò gbéra dáadáa, ṣùgbọ́n kapásítọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ yóò wà lójú iná. Mítà tí ń há wáyà ni a fi ń mọ̀: bí iná bá ṣì ń kọjá nínú wáyà kapásítọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta, kí a pa ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Bí a bá bá kapásítọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ tí ó ti bẹ́, kí a máà kàn fi òmíràn sí i. Rílé ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Kapásítọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ tún wúlò láti mọ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí ó ti nọ́kù nítòótọ́. Bí òòmù orí mẹ́ta bá pé, tí kapásítọ̀ ìrìn pé, tí fótéèjì kò já nígbà tí ó ń kùn, tí gáàsì sì ti balẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a so kapásítọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rílé rẹ̀ mọ́ ọn, kí a sì tan án lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Bí ó bá gbéra tí iná rẹ̀ sì wálẹ̀ sí ti ìrìn, ó yè. Bí ó bá ṣì ń kùn, tí mítà dúró lórí áńpíà 30, irin inú rẹ̀ ti há mọ́ra, bóyá nítorí àìsí òróró tàbí nítorí ìdọ̀tí tí ó wọ inú páìpù. Kò sí iye máíkírófárádì tí yóò tú irú ìhá bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sì tún un tàn lẹ́ẹ̀kejì ń jó kọ́ìlì lásán ni.